Àgàn, Akúra àti Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ènìyàn: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àìrọ́mọbí Nílẹ̀ Èkìtì

Gbólóhùn kan wà tí àwọn onímọ̀ tó ń kọ̀wé lórí àìrọ́mọbí ń dà kọ láti ọwọ́ ara wọn. Ó ní láàárín àwọn Èkìtì, ẹni ìtanù ni obìnrin tí kò rọ́mọ bí, àti pé bó bá kú, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n máa ń sin ín sí, níbi tí wọ́n ń sin àwọn wèrè. Ìwé kan tó jáde ní 1982 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Mo ti rí gbólóhùn yìí nínú ìwé àwọn oníṣègùn, mo ti rí i nínú ìwé àwọn tó ń ṣèwádìí àwùjọ, nínú gbogbo èyí tí mo kà, n kò sì rí ẹni tó béèrè pé Èkìtì ibo. Ṣé Ìkẹ́rẹ́ ni, àbí Ẹmùré? Ṣé Òmùò ni àbí Ìsinbọ̀dé? Èkìtì kì í ṣe abúlé kan tí ènìyàn lè dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba rẹ̀, ló ní èèwọ̀ rẹ̀, ló sì mọ bó ṣe ń sin òkú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa kò lè fọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà dànù. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú sí láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ló sì ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbé òkú wọlé, tí wọ́n ń pa ẹran, tí wọ́n ń dá aṣọ. Òwe tí a ń pa ni pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìsìnkú ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà láyé ní tòótọ́. Ẹni tí kò bímọ kò ní ẹni tí yóò di ipò náà mú, bí òkú rẹ̀ sì ṣe máa rí ti ń bá a gbé láti ìgbà tó wà láàyè. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí kò bímọ fi ń sunkún ohun tó ju àìní ìkókó lọ́wọ́ lọ. Ó ń rò ó pé òun kò tíì dé ibi tí àwọn ènìyàn tó ku wà.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2023 pé ọ̀kan nínú ènìyàn mẹ́fà ni àìrọ́mọbí máa ń bá fínra nígbà kan nínú ayé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní àìrọ́mọbí ni kí tọkọtaya máa sùn pọ̀ déédéé fún oṣù méjìlá láìlo ohun tó ń dènà oyún, kí oyún má sì dúró. Àìsàn ni wọ́n pè é. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Orúkọ ènìyàn ni a sọ ọ́ dà. A kì í sọ pé obìnrin náà ní àìsàn kan báyìí; àgàn ni a ń pè é, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà.

Ti ọkùnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èdè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ fún un rárá. Ẹ rò ó wò. Akúra ni ẹni tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Òkóbó náà, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Àmọ́ ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sùn bó ti yẹ, ṣùgbọ́n tí irú kò sí nínú àtọ̀ rẹ̀, kí ni a ń pè é? Kò ní orúkọ láwùjọ wa. Nítorí pé kò ní orúkọ, akúra ni yóò gbọ́ nígbà tí dókítà bá ń ṣàlàyé èsì àyẹ̀wò fún un. Ohun mẹ́ta ni a dì pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo: agbára láti bá ènìyàn sùn, agbára láti bímọ, àti jíjẹ́ ẹni tí a kà sí ènìyàn láàárín ẹgbẹ́. Bí okùn ọ̀kan bá já, gbogbo ẹrù náà ló ń dà sílẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé wa ti rí èyí ṣáájú àwọn oníṣègùn. Nínú ìwé Lọlá Ṣónẹ́yìn tó jáde ní 2010, ìyàwó mẹ́rin ló wà nílé Bàbá Ṣẹ́gi ní Ìbàdàn. Ọkùnrin náà lágbára, kò sí alẹ́ tí kò ní ìyàwó tó kàn. Ìyàwó kékeré, tó kàwé, ni kò lóyún, òun ni wọ́n sì gbé lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé ọkùnrin náà gan-an ni kò ní irú, pé àwọn ọmọ tó kún ilé rẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin mìíràn ni àwọn ìyá wọn ti rí wọn. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ ná: Bàbá Ṣẹ́gi. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ni ohun tí àyẹ̀wò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tó jáde ní 2017, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà, òdìkejì rẹ̀ ni a rí. Ọkọ Yéjídé ni nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó sì fi í pa mọ́ débi pé ó bẹ àbúrò rẹ̀ lọ́wẹ̀ láti fún ìyàwó òun lóyún. Ọkùnrin kan lè sùn, kò lè bímọ. Ìkejì kò lè sùn. Ẹnu ọjà yóò pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà. Ní ti èmi, ìwé méjèèjì yìí ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lóye ìtìjú ọkùnrin Yorùbá kọ́kọ́ kà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ẹrù yìí ṣe ń dà nù nínú ayé gidi. Mo fẹ́ fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mo ń sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ni mo kó jọ sórí ènìyàn méjì. Ìsinbọ̀dé ni wọ́n ń gbé. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Obìnrin náà ti ṣe àyẹ̀wò inú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti mu àgbo, ó ti gun orí òkè àdúrà, wọ́n sì ti fi oògùn sínú ilé ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò láti mọ̀ bóyá túùbù rẹ̀ là. Ó là. Ọkọ rẹ̀ kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Tí wọ́n bá bi í, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: “Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Mo ń ṣe ojúṣe mi lálẹ́.”

Gbólóhùn yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà ń fi alẹ́ jẹ́rìí fún irú, bẹ́ẹ̀ alẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa irú. Apá tó pọ̀ jù nínú omi tó ń jáde lára ọkùnrin, láti inú àwọn ẹṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ló ti ń wá. Sípáàmù, ìyẹn irú tó ń di ọmọ, kò tó ìdá ogún rẹ̀. Nítorí náà, àtọ̀ lè pọ̀, ó lè ki, ó lè funfun, kí sípáàmù kan má sì sí nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ pé àtọ̀ tó ń ṣàn jáde lára obìnrin lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni kò jẹ́ kí oyún dúró, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ti gbogbo ènìyàn ló ń ṣàn jáde, ti àwọn tó bí mẹ́wàá pẹ̀lú. Ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ọkọ náà padà gbà láti ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, nítorí ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje. Kó má dín sí i, kó má lé sí i. Gbogbo àtọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ike tí wọ́n bá fún un, nítorí inú èyí tó kọ́kọ́ jáde ni sípáàmù pọ̀ sí jù. Bí ìyẹn bá ṣòfò, èsì náà kò ṣeé gbára lé. Kọ́ńdọ̀mù lásán kò dára fún un, oògùn ara rẹ̀ ń pa sípáàmù. Kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gbọ́dọ̀ tutù lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e láti Ìsinbọ̀dé lọ sí Adó ti pàdánù nìyẹn; ọ̀nà náà ju wákàtí kan lọ. Ó sàn kó lọ gbà á sílẹ̀ nílé ìwòsàn gan-an, kó sì ti béèrè ṣáájú bóyá yàrá tó ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti padà sílé láìṣe é nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo ayé ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n wọ̀.

Èsì jáde. Nínú ìwọ̀n mílílítà kan, sípáàmù mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n rí, omi náà jẹ́ mílílítà mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù méjìlá. Nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021, ààlà ìsàlẹ̀ fún àpapọ̀ ni mílíọ̀nù mọ́kàndínlógójì. Ẹni tó ka èsì náà fún un sọ pé, “Àtọ̀ yín kò lágbára.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ni yóò ná tọkọtaya náà lọ́dún kan gbáko.

Kí ni ààlà mílíọ̀nù mọ́kàndínlógójì túmọ̀ sí? Wọ́n ka ti àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan, wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tó ní púpọ̀ jù dé ẹni tó ní kékeré jù, wọ́n sì fa ìlà síbi tí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kù sísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà lábẹ́ ìlà náà nínú ìwádìí yẹn gan-an, gbogbo wọn ló fún ìyàwó wọn lóyún. Ìlà náà kò pín ọkùnrin kúrò lára ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin. Kò tilẹ̀ pín ẹni tó lè bímọ kúrò lára ẹni tí kò lè bí. Ohun tó ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kó pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sì wá ohun tó fà á. Ó tún yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí pé sípáàmù máa ń gbà tó nǹkan bí oṣù méjì àtààbọ̀ kó tó dàgbà tán. Ibà líle kan tó ṣe é ní oṣù méjì sẹ́yìn tó láti mú kí èsì òní burú.

Kò sí ẹni tó sọ èyí fún un. Akúra ló gbọ́. Ó kúrò nílé ìwòsàn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, ó ní òun fẹ́ oògùn tó máa dá agbára ọkùnrin padà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tẹsitọ́stẹ́rọ́ọ̀nù, wọ́n ní kó máa padà wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ jí pépé. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ pọ̀ sí i, alẹ́ dùn, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀ràn ti bùṣe. Nígbà tó ṣe àyẹ̀wò kejì ní oṣù kẹrin, òdo ni wọ́n rí. Kò sí ẹyọ sípáàmù kan.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ méjì ni kórópọ̀n ń ṣe, iṣẹ́ méjèèjì kò sì sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan náà. Inú àwọn okùn tín-ín-rín tó ká jọ sínú kórópọ̀n ni sípáàmù ti ń dàgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n wà láàárín àwọn okùn náà, ló ń ṣe tẹsitọ́stẹ́rọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú irùngbọ̀n hù, tó ń mú ohùn ki, tó ń mú ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wá. Ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ti da tẹsitọ́stẹ́rọ́ọ̀nù láti ìta sínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ rò pé iṣẹ́ ti tó, ó sì dákẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe sípáàmù kò gbọ́ ìpè mọ́, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Èyí dájú débi pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi abẹ́rẹ́ yìí dán ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, ọkùnrin 271 ni wọ́n ń gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, sípáàmù sì tán pátápátá lára 157 nínú wọn. Ọkùnrin alágbára ni wọ́n, a tilẹ̀ fi kún agbára wọn ni. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gbé agbára ọkùnrin sókè, ó sì mú irú lọ. Bí ohun méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan ni, ṣé èyí lè ṣẹlẹ̀?

Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè nípa abẹ́rẹ́ kó tó béèrè nǹkan mìíràn. Yóò fọwọ́ kan kórópọ̀n, ó lè bá a tó ti kéré sí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò sì fi hàn pé họ́mọ́ònù tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kó dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Lára ọ̀pọ̀, sípáàmù á padà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan; ti àwọn mìíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin wa yìí wá padà sí mílíọ̀nù mẹ́rin tó wà tẹ́lẹ̀, ọdún kan ti kọjá, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi ọdún kan dàgbà sí i. Kò sí àìsàn tuntun tó gba ọdún náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè ló gbà á.

Ti àwọn obìnrin pẹ̀lú kò yàtọ̀ nídìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń di ọ̀nà yàtọ̀. Láàárín 1979 sí 1984, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya ní orílẹ̀-èdè márùndínlọ́gbọ̀n. Ohun tó ya Áfíríkà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ ni túùbù tó dí, èyí tí kòkòrò àrùn fà: àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú dáadáa, ìbímọ tí ìdọ̀tí wọ̀, oyún tí wọ́n ṣẹ́ níbi tí kò mọ́. Túùbù kì í pèsè họ́mọ́ònù kankan. Ọ̀nà lásán ni. Bí ó bá dí, ilé ẹyin obìnrin ṣì ń ṣiṣẹ́, nǹkan oṣù ń wá lásìkò, ọmú rẹ̀ ń bẹ, ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ ń bẹ. Túùbù tó dí ni ìyá Louise Brown ní, kí wọ́n tó pa ẹyin rẹ̀ pọ̀ mọ́ irú ọkọ rẹ̀ nínú àwo ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n sì bí ọmọ náà ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládàpọ̀ Aṣírù bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó. Wọ́n yí ọ̀nà tó dí po. Wọn kò kọ́kọ́ sọ ẹnikẹ́ni di obìnrin kó tó bímọ. Obìnrin ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ilé ìwòsàn. Obìnrin tó bá pẹ́ láyé, nǹkan oṣù rẹ̀ yóò dúró, kò sì ní bímọ mọ́ láéláé. Ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé Òmùò, ta ló tíì sọ fún ìyá àgbà pé kì í ṣe obìnrin mọ́? Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lékè. Àwa fúnra wa ti mọ̀ pé jíjẹ́ obìnrin kò sí nínú ilé ọmọ. A kàn máa ń gbàgbé nígbà tí ẹni tó wà níwájú wa bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Ìgbàgbé yìí ni àwọn olùwádìí ti kọ sílẹ̀. Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn jọ ní agbègbè Ifẹ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997: orí obìnrin ni ẹ̀bi ń já lé, yálà wọ́n ní ìṣekúṣe ìgbà èwe rẹ̀ ni àbí àwọn àjẹ́. Ní 1999, Tọlá Olú Pearce kọ tirẹ̀, àkọlé rẹ̀ sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: wọn kò ní tẹ́tí sí i láwùjọ. Andrea Cornwall ṣe tirẹ̀ ní Adó-Odò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń wá ọmọ kiri láti ilé ìwòsàn dé ọ̀dọ̀ babaláwo dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú àwọn ìwé yìí ni pé ọ̀dọ̀ obìnrin ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni wọ́n ń parí sí. Ọkùnrin tó fi ojúṣe alẹ́ jẹ́rìí fara pa mọ́ sẹ́yìn wọn, ìtìjú rẹ̀ sì ń pa òun náà níbẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwùjọ ṣe ń fi àìbímọ borí gbogbo ohun tí ènìyàn jẹ́, ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ká wò. Ìyálóde Ìbàdàn ni. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ pé ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan tó ẹgbẹ̀rún méjì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ní 1874, Àrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson sọ pé Àrẹ fi kàn án: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó bọ̀. Ẹ̀sùn ogun àti òṣèlú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti jẹ́ ká mọ bí agbára owó rẹ̀ ṣe wọ inú ọ̀ràn náà. Kò sí ẹ̀sùn àìbímọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹfúnṣetán tí gbogbo wa mọ̀ kì í ṣe ti Johnson. Ti eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, ni. Nínú eré náà, àìní ọmọ ló sọ Ìyálóde di ìkà, òun ló mú kó máa pa ẹrú tó bá lóyún. Òǹkọ̀wé ńlá ni Ìṣọ̀lá, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé eré ni láti wá gbòǹgbò ìwà ẹni tó ń kọ nípa rẹ̀. Ọwọ́ àwa tí a wò ó ni àṣìṣe wà. A gba gbòǹgbò yẹn láìjiyàn, nítorí pé ó bá ohun tó ti wà lọ́kàn wa mu: obìnrin tí kò lọ́mọ láyé kò lè ní ọkàn tó pé. Àwọn jagunjagun tó pa ènìyàn ju tirẹ̀ lọ nígbà náà, tí ọmọ kún ilé wọn, kò sẹ́ni tó wá ìdí ìkà wọn lọ sínú ilé ọmọ.

Ìyà yìí kì í ṣe gbogbo àṣà wa, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1997 pé ipò tí ènìyàn wà nínú ìdílé àti bó ṣe dàgbà sí ló ń gbé e ga nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ju pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá mọ agboolé mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí kò bímọ nílé ọkọ, ọmọ oṣú ni nílé baba rẹ̀. Gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé wọ ilé náà ń pè é ní ọkọ àwọn. Bí wọ́n bá ń pín ẹran níbi ìnáwó, ó ní ibi tó jókòó sí, ó ní ìpín tirẹ̀. Wọn kì í bi í pé ọmọ mélòó lo bí. Lọ́jà náà, Ìyá Aláṣọ ni Ìyá Aláṣọ, Ìyá Onírẹsì ni Ìyá Onírẹsì, Ìyá Ìjọ sì ni Ìyá Ìjọ. Iṣẹ́ àti ipò ló sọ wọ́n ní ìyá. Ilé ọkọ nìkan ni obìnrin ti lè lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n ṣì máa pè é ní “ìyàwó wa,” tí àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Táyọ̀, Ìyá Bùsáyọ̀. Mo ti rí obìnrin kan tó máa ń yẹra fún ìkómọjáde nítorí ìpè yìí nìkan. Kì í ṣe ìlara ọmọ ló ń sá fún. Ó ní òun kàn ń ṣọ́ ìgbà tí ẹni tó kéré sí òun yóò kí òun ní “ìyàwó,” tí gbogbo ilé yóò sì dákẹ́.

N kò sọ pé kí ẹni tó ń wá ọmọ má wá a mọ́. Ìbànújẹ́ ẹni tó fẹ́ ọmọ tí kò rí i, ìbànújẹ́ gidi ni, kò sí àlàyé tó lè gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ọ̀tọ̀, ìtìjú ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń banú jẹ́ lè lọ sílé ìwòsàn, ó lè gba ọmọ tọ́, ó lè pinnu pé ó tó, kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ sì máa bá ayé wọn lọ. Ẹni tí ojú ń tì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lóru.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka èsì àyẹ̀wò fún àwọn ènìyàn, ní Adó, ní Ìdó àti ní gbogbo ilé àyẹ̀wò kéékèèké tó wà láàárín wọn. Bí sípáàmù ọkùnrin bá kéré, ẹ pè é jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé agbára ọkùnrin rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yìí. Ẹ sọ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún àyẹ̀wò kejì. Ẹ sì sọ fún un kó tó dìde pé kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ agbára kankan.